Ẹni tó gba 10 kùnà, ẹni tó gba 8.6 yege

Ọmọ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà ni wọ́n ń lọ, olùkọ́ kan náà ló sì kọ́ àwọn méjèèjì ní stàtísíìkì ní sáà kìíní. Nígbà tí èsì jáde, Láwàní gba 10 nínú 20, wọ́n ní kò yege. Ràmátù gba 8.6, wọ́n ní ó yege. Mo ti yí orúkọ wọn padà, mi ò fọwọ́ kan máàkì wọn.

Ìyá Láwàní ń ta gaàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Wàǹdó. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ni Ràmátù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú èsì báyìí lè dá sílẹ̀ nínú agboolé. Ìyá Láwàní kó ìwé méjèèjì wá bá mi, nítorí ó mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe, pé mo sì ti bá ilé ẹ̀kọ́ tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà fún ìjókòó júrì rí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mẹ́wàá àti mẹ́jọ, èwo ló pọ̀ jù? Ta ló gbowó lọ́wọ́ ta?"

Kò sẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin méjì ló wà nínú ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ náà, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kan ń fà sí, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì. Láwàní bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan, Ràmátù bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ka òfin yìí títí ọjọ́ tí èsì bá jáde, àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá kò kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí máàkì ṣe ń di máàkì. Ohun méjì ló ń para pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àárín sáà ni àkọ́kọ́: ìdánwò kékeré inú kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá, àti iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń wá gbé kalẹ̀ níwájú kíláàsì. Ìdánwò ìparí sáà ni èkejì. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ àárín sáà ló ni ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ìdánwò ló ni ìdá mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè pín in ní ọgbọọgba, òmíràn lè fún ìdánwò ní púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé òfin ibi tí ọmọ yín wà ni kí ẹ kà, ẹ má fi ti ibòmíràn ṣe é.

Láwàní gba 16 nínú iṣẹ́ àárín sáà, ó gba 6 nínú ìdánwò. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá 16 jẹ́ 6.4, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá 6 jẹ́ 3.6. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di 10 géérégé. Ràmátù gba 8 nínú iṣẹ́ àárín sáà, ó gba 9 nínú ìdánwò. 3.2 àti 5.4, ó di 8.6.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, Láwàní ni ìbá yege, nítorí 10 ni wọ́n fi ń yege. Ṣùgbọ́n ìwé òfin sọ pé kí a tó pa ohunkóhun pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín ní 7 nínú iṣẹ́ àárín sáà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín ní 7 nínú ìdánwò. Ààlà ìsàlẹ̀ nìyẹn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní máàkì apanijáde. 6 Láwàní nínú ìdánwò kò dé ààlà, nítorí náà 10 tó wà lórí ìwé rẹ̀ kò ní agbára kankan. Ràmátù kò tilẹ̀ sún mọ́ 10, ṣùgbọ́n 8 kọjá 7, 9 kọjá 7. Ó dín lóòótọ́, àmọ́ kò já sísàlẹ̀ níbì kankan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn.

Ibẹ̀ sì ni òfin kejì ti wọlé. Nínú ètò LMD tí àwọn yunifásítì wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń lò, sáà kọ̀ọ̀kan ní 30 krẹ́dì, Líísáǹsì ọdún mẹ́ta sì jẹ́ 180. Àwọn krẹ́dì yìí ló ń sọ bí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba gbogbo sáà. Tí ẹ̀kọ́ kan bá wà lábẹ́ 10, ṣùgbọ́n tí kò sí máàkì apanijáde nínú rẹ̀, tí ìpíndọ́gba sáà sì jẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀kọ́ tó lé ní 10 yóò dí àlàfo èyí tó dín. Kọ̀ǹpáńsé ni àwọn ọmọ ń pè é: "Wọ́n ti kọ̀ǹpáńsé mi, Tátà." Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi máa ń sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n ṣe ní sáà náà, ìkọ̀ọ̀kan ní krẹ́dì 6. Ràmátù gba 11, 12, 10.5 àti 11.4 nínú àwọn mẹ́rin yòókù. Ẹ wo bó ṣe rí. Stàtísíìkì rẹ̀ fi 1.4 dín ní 10. Àwọn mẹ́rin yòókù fi 1, 2, 0.5 àti 1.4 lé ní 10, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4.9. Gbèsè jẹ́ 1.4, ohun tó wà lọ́wọ́ jẹ́ 4.9. Nígbà tí krẹ́dì gbogbo wọn bá dọ́gba, kò sí ohun tó tún kù láti ṣírò: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 10.7, sáà rẹ̀ wọlé, 30 krẹ́dì rẹ̀ pé. Tí krẹ́dì kò bá dọ́gba, ẹ ó fi iye krẹ́dì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sọ iye tó lé tàbí tó dín di púpọ̀ kí ẹ tó rò ó pọ̀. Ẹ̀kọ́ oníkrẹ́dì 2 tó lé dáadáa lè má lè san gbèsè ẹ̀kọ́ oníkrẹ́dì 8 tó dín.

Kíá ni ọ̀rọ̀ yìí yé Ìyá Láwàní. Ó ní òun náà máa ń pàdánù lórí àpò ẹ̀wà kan, kí àpò mẹ́rin sì san án padà, tí ọjà yóò sì dára. Ohun tí kò yé e ni ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀. Nítorí Láwàní gba 12, 11, 13 àti 11 nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Tí ẹ bá fi 10 stàtísíìkì rẹ̀ kún un, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 11.4. Ó ju ti Ràmátù lọ. Síbẹ̀ krẹ́dì 24 ni wọ́n kọ fún un, Ràmátù sì gba 30. Kì í ṣe pé owó kò sí lápò rẹ̀ láti fi san gbèsè. Òfin ló sọ pé irú gbèsè yìí kò ṣeé fowó san.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Mo ti bá àwọn olùkọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo 16 àti 6. Nígbà tí máàkì méjì ọmọ kan bá fi mẹ́wàá jìnnà síra lórí 20, olùkọ́ máa ń bi ara rẹ̀ pé ta ló ṣe iṣẹ́ àárín sáà yẹn. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ló kó apá tó pọ̀ jù nínú máàkì Láwàní: àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ ṣe é, máàkì kan náà ni gbogbo wọn sì gbà. Mo bi í léèrè, kò purọ́ fún mi. Òun ló tẹ̀ ẹ́, òun ló sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, ẹlòmíràn ló ṣe ìṣirò. Ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé òun nìkan sínú yàrá ìdánwò pẹ̀lú bébà àti kálámù, ohun tó mọ̀ nípa stàtísíìkì kò ju 6 lọ.

Ààlà orí iṣẹ́ àárín sáà ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kejì. Tí kò bá sí ààlà kankan, ẹni tó bá gba 17 nínú ìdánwò ti yege kódà bó bá jẹ́ òdo ló gbà ní gbogbo àárín sáà, nítorí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá 17 jẹ́ 10.2. Nínú ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ìwé kíkà lásán, ẹnìkan lè sọ pé kò burú, ó ṣáà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, bíi ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu. Ọmọ tó ti há ìbéèrè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sórí, tí kò fi ẹsẹ̀ kan oko ìdánrawò rí, bébà ìdánwò kò lè fi í hàn. Inú máàkì iṣẹ́ àárín sáà nìkan ni àìwá rẹ̀ ti ń hàn.

Nítorí náà, èmi kò lòdì sí ààlà. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni mo máa ń bá wọn jà lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòfin kì í ṣírò ohun tí òfin wọn yóò ṣe. Ẹ gbé ààlà sí 10 nínú méjèèjì, ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́fà ti di asán. Ẹni tó bá gba 10 níbí, tó gba 10 lọ́hùn-ún, kò sí bí ẹ ṣe pín in tí ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò fi dín ní 10. Kò sí ohun tó ń ran ohun mìíràn lọ́wọ́ mọ́. Ẹ gbé ààlà sí 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣọ́ ohunkóhun ní ẹ̀gbẹ́ ìdánwò, nítorí ẹni tó gba 20 nínú iṣẹ́ àárín sáà pàápàá gbọ́dọ̀ gba ju 3 lọ nínú ìdánwò kó tó lè kan 10. Ààlà tó wà ní 7 ló ní iṣẹ́ gidi. Ẹni tó bá gba 7 péré nínú ìdánwò gbọ́dọ̀ gba 14.5 nínú iṣẹ́ àárín sáà kó tó lè yege ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba 7 péré nínú iṣẹ́ àárín sáà gbọ́dọ̀ gba 12 nínú ìdánwò. Ìyẹn tọ́ lójú mi: o ṣubú díẹ̀ níbì kan, o dìde gidi níbòmíràn.

Ó máa ń ya àwọn ìbátan wa tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà lẹ́nu bí mo bá ṣàlàyé èyí fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tiwọn, 30 tàbí 40 ni ti iṣẹ́ àárín sáà, 70 tàbí 60 ni ti ìdánwò, wọ́n á ro ó pọ̀ mọ́ra lórí 100, ó parí. Láwàní lè yege lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Ràmátù ńkọ́, bí 8.6 rẹ̀ kò bá dé máàkì tí wọ́n fi ń yege níbẹ̀? Ẹni tó bá kùnà ẹ̀kọ́ kan lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ náà ń tẹ̀ lé e ni, yóò sì tún un ṣe, ẹ̀kọ́ mẹ́rin yòókù ì báà dára bí wúrà. Pé ààlà kò sí kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà rọrùn. Ibòmíràn ni wọ́n gbé ìnira tiwọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́, nítorí mo ti rí i lójú ara mi. Orí bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ni. Ààlà ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, ìpíndọ́gba ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ìpíndọ́gba sáà ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn yóò kọ́kọ́ rí 11.4 Láwàní, yóò kọ "ó yege", kò sì ní padà wo 6 mọ́. Nínú Excel tó wà ní èdè Faransé, tí iṣẹ́ àárín sáà bá wà ní B, tí ìdánwò wà ní C, ohun tí mo máa ń kọ nìyí:

```
=SI(ET(B2>=7;C2>=7);(4*B2+6*C2)/10;"NP")
```

Ó ń wo ààlà méjèèjì kó tó ṣírò rárá. Ẹni tí kò bá dé ààlà kò ní nọ́ńbà, "NP" ló ní, ìyẹn ni pé kò wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbìyànjú láti fi àmì ìròpọ̀ ro ẹ̀kọ́ márààrún pọ̀ láti mọ ìpíndọ́gba sáà, àṣìṣe ni Excel yóò gbé jáde dípò nọ́ńbà, èyí sì dára, nítorí ó di dandan kí èèyàn dúró wò ó.

Àmọ́ mo ti rí ilé ẹ̀kọ́ tó lo `MOYENNE` lásán. Ìwà kan wà lọ́wọ́ `MOYENNE`: kì í ka àpótí tó ṣófo. Ọmọ kan kò wá fún iṣẹ́ àárín sáà kankan, wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, ó gba 12 nínú ìdánwò. Kọ̀ǹpútà gbé 12 jáde fún un. Ọmọ mìíràn wá lẹ́ẹ̀kan péré, ó gba 4, òun náà gba 12 nínú ìdánwò. 8 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde fún un. Ẹni tí kò wá rárá ló ṣe dáadáa ju ẹni tó wá lọ! Bí ẹ bá rí ìwé èsì tí máàkì ẹ̀kọ́ kan dọ́gba rẹ́gí pẹ̀lú máàkì ìdánwò rẹ̀, tí àyè iṣẹ́ àárín sáà sì ṣófo, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òdo àti àìwá kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó gba òdo wà níbẹ̀, máàkì ló gbà. Ẹni tí kò wá kò ní máàkì, ó sì yẹ kí júrì mọ̀ bóyá ó ní ìwé dókítà tàbí kò ní.

Èkejì tún wà, èyí sì máa ń fa ẹkún. Wọ́n ti sọ fún àpótí pé kó fi nọ́ńbà kan péré hàn lẹ́yìn àmì ìdá. Ọmọ gba 6.96 nínú iṣẹ́ àárín sáà lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ìdánwò kéékèèké rẹ̀, 7.0 ló hàn lórí ìwé, ṣùgbọ́n 6.96 ni kọ̀ǹpútà ń rí nínú. Ó wá ń bínú pé òun ní 7 wọ́n sì ní òun kò dé 7. Ó tọ́ kó bínú. Ẹni tó bá fẹ́ dín nọ́ńbà kù, kó dín in kù ní tòótọ́ pẹ̀lú `ARRONDI` kí wọ́n tó wo ààlà, kí ohun tí ọmọ ń rí lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin, kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kan yóò máa fi ọkàn ara rẹ̀ pinnu.

Ẹ padà wá sí ọ̀dọ̀ Láwàní, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú tó bí ìyá rẹ̀ ṣe rò. Ìdánwò àtúnṣe wà níwájú. Ìbéèrè tó yẹ kó lọ béèrè ní ọ́fíìsì ni èyí: ṣé máàkì ìdánwò àtúnṣe yóò gba ipò máàkì ìdánwò nìkan, àbí yóò gba ipò gbogbo máàkì ẹ̀kọ́ náà? Ìyàtọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdánwò nìkan, 16 rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, 7 péré ló nílò: 6.4 àti 4.2 jẹ́ 10.6, ó ti kọjá ààlà, ó sì ti yege ẹ̀kọ́ náà. Máàkì kan ṣoṣo ló fi jìnnà sí i. Tó bá sì jẹ́ gbogbo rẹ̀, 16 ti lọ, 10 ló gbọ́dọ̀ gbà nínú ìdánwò tó gba 6 nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó lè yege ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, láìsí kọ̀ǹpáńsé. Ìwé kíkà fún àkọ́kọ́ kọ́ ni ìwé kíkà fún èkejì.

Ìyá rẹ̀ ní òun yóò rán an lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní kó má rán an, kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fi ojú ewé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn wọ́n. Àwọn ọ́fíìsì kan máa ń dáhùn láti orí.

Ẹni tó wà nínú wàhálà gidi ni ẹni tí ààlà mú ní ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ àárín sáà. Ìdánwò ní àtúnṣe. Iṣẹ́ àárín sáà kì í sábà ní. Ìdánwò kéékèèké ti kọjá, ẹgbẹ́ iṣẹ́ ti túká, oko ìdánrawò ti di ti àwọn mìíràn. Ẹni tó gba 5 nínú iṣẹ́ àárín sáà àti 15 nínú ìdánwò ní ìpíndọ́gba 11, ó sì lè jẹ́ pé ọdún mìíràn ni yóò fi tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Òfin kan náà, nọ́ńbà 7 kan náà, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kò dọ́gba rárá. Bí mo bá wà lára àwọn tó ń ṣòfin, ààlà iṣẹ́ àárín sáà ni màá kọ́kọ́ fà wálẹ̀ sí 5, tàbí kí wọ́n fún un ní àtúnṣe tirẹ̀.

Ràmátù ní tirẹ̀ kò bi mí ní ohunkóhun, ó ti yege. Èmi ni mo pè é, tí mo fi ìwé èsì rẹ̀ hàn án. Ẹ̀kọ́ stàtísíìkì kejì wà ní sáà tó ń bọ̀, orí èkíní ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Krẹ́dì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kọ́ tó lè bá a kọ́ ìdajì tí kò mọ̀. Mo tún sọ fún un pé máàkì tí wọ́n kọ̀ǹpáńsé kì í yí padà lórí ìwé: 8.6 ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìpíndọ́gba sáà ló gbé e wọlé, ẹni tó bá ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún Másítà sì lè ka ẹsẹ̀ yẹn.

"Tátà, ṣé Láwàní wá lè ní jù mí lọ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá gba 7 yẹn, tí òfin wọn sì jẹ́ kó mú 16 rẹ̀ dání, 10.6 ni wọn yóò kọ fún un. Ó bi mí bóyá òun náà lè lọ jókòó ṣe ìdánwò àtúnṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti yege. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ kọ̀ǹpáńsé sílẹ̀ kó sì tún ìdánwò ṣe, àwọn kan kì í gbà. Mo ní kó bá Ìyá Láwàní àti ọmọ rẹ̀ lọ, kó béèrè tirẹ̀ náà níbẹ̀.